Oríkèé Orúkọ: Ibi Tó Yẹ Ká Ti Gé Orúkọ Gígùn

Orúkọ Yorùbá tó gùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Odindi gbólóhùn ni. Ẹni tó bá pe Olúfúnmiláyọ̀ ti sọ pé Olú fún mi ní ayọ̀. Ẹni tó fúnni wà níbẹ̀, ẹni tí a fún wà níbẹ̀, ohun tí a fún un náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kúrú, apá kan gbólóhùn ló jù sílẹ̀, apá tó ṣẹ́kù ni yóò sì máa dún létí ọmọ láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí ó bá gé e síbi tó yẹ, ohun tó kù á ṣì máa sọ nǹkan tó bá èrò àwọn òbí mu lọ́jọ́ tí wọ́n sọmọ lórúkọ. Bí ó bá gé e síbòmíràn, ó lè ku ìdajì ọ̀rọ̀ tí kò mú nǹkan kan wá, ó sì lè ku ọ̀rọ̀ tó ń ta ko orúkọ náà gan-an.

Alápatà tó mọṣẹ́ kì í fọ́ eegun. Oríkèé ló ń wá kó tó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Orúkọ náà ní oríkèé, ṣùgbọ́n kì í hàn lójú, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tó para pọ̀ di orúkọ ti gbé fáwẹ́lì ara wọn mì. Kúnlé tí à ń pè wẹ́rẹ́ yẹn, ‘kún ilé’ ni. Ṣadé, ‘ṣe adé’ ni. Láyọ̀ tó wà ní ìparí Olúfúnmiláyọ̀, ‘ní ayọ̀’ ni. N tó wà nínú ‘ní’ ló di l nígbà tó kan fáwẹ́lì a. Iṣẹ́ àkọ́kọ́, nígbà náà, ni kí a tú orúkọ palẹ̀. Mobọ́láńlé, bí a bá tú u, á di ‘mo bá ọlá ní ilé’. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀, ‘bá’ àti ‘ọlá’ sì ti wọnú ara wọn débi pé ọ̀bẹ kò lè gba àárín wọn kọjá. Bọ́lá ṣeé yọ jáde, torí pé odindi ‘bá ọlá’ ló wà nínú rẹ̀. Bọ́láńlé náà ṣeé yọ jáde. ‘Mo’ nìkan ló fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ‘Bọ́’ lásán ti pàdánù ọlá, ohun tí etí á sì gbọ́ nínú rẹ̀ ni nǹkan tó bọ́ sọnù.

Àwọn sílébù kéékèèké tó máa ń ṣíwájú orúkọ, bí ‘mo’ àti ‘a’, ni ó rọrùn jù láti yọ. Afọlábí di Fọlábí, Abíọ́dún di Bíọ́dún, Morónkẹ́ di Rónkẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa bèèrè ohun tó sọnù. Abọ́sẹ̀dé, ọmọ tó bá ọ̀sẹ̀ tuntun dé, di Bọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó bá dé ṣì wà níbẹ̀.

Oríkèé tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tó wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Adé wá ilé ni Adéwálé; bí adé bá kúrò, Wálé ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Olúwafẹ́mi ṣe ń di Fẹ́mi, Adékúnlé ń di Kúnlé, Olúgbénga ń di Gbénga, Ọlálékan ń di Lékan. Wọlé tí gbogbo ayé fi mọ Wọlé Ṣóyínká, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nóbẹ̀lì lọ́dún 1986, inú Olúwọlé ló ti jáde wá lọ́nà yìí kan náà. Bí a bá fi ojú gírámà wò ó, ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní olùwà, àṣẹ ni tàbí ẹ̀bẹ̀: ‘wálé’ ń sọ fún ẹnìkan pé kó máa bọ̀ nílé, ‘fún mi’ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó nawọ́ láti gba nǹkan. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá kì í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ bó bá ti di orúkọ. Àwọn tó ń gbọ́ Fẹ́mi mọ̀ pé ẹnìkan ń bẹ níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá Olú ni tàbí Adé. Àlàfo náà ṣófo lóòótọ́, àmọ́ kò fa àṣìgbọ́.

Ohun tí gígé yìí ń mú lọ kì í ṣe ìtumọ̀ gbólóhùn, àmì ìdílé ni. Wálé lè jẹ́ Adéwálé láti ilé ọba, ó lè jẹ́ Ifáwálé láti ilé babaláwo, Ògúnwálé láti ilé ọdẹ tàbí alágbẹ̀dẹ, Àyànwálé láti ilé onílù, Ọ̀jẹ̀wálé láti ilé eléégún. Gbogbo wọn pàdé sínú Wálé, kò sì sí ohun tó ń sọ ta ni ta ni mọ́. Fún ìdílé tí orí orúkọ jẹ́ ohun ìní fún, àdánù ńlá nìyí, ó sì ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n máa ń gbà: wọn á fi orí náà sílẹ̀, wọn á kàn yọ fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí Ifáyẹmí ṣe ń di Fáyẹmí nìyẹn, tí Ifálétí ń di Fálétí, orúkọ ìdílé Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀tàn. Ṣóyínká fúnra rẹ̀, ‘Oṣó yí mi ká’ ni. O tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ti lọ. Fáwẹ́lì kan péré ni gígé bẹ́ẹ̀ ń náni, ilé tí ọmọ ti wá ṣì ń dún.

Àwọn kan sì wà tí orí orúkọ yìí gan-an ni wọn kò fẹ́ mọ́. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì wọlé, ọ̀pọ̀ ìdílé pa Ifá àti Ògún rẹ́ níwájú orúkọ wọn, wọ́n fi Olú tàbí Olúwa rọ́pò rẹ̀. Bàbá ń jẹ́ Ifáyẹmí, ọmọ ń jẹ́ Olúyẹmí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàtọ̀ náà wà lórí nìkan, Yẹmí ni wọ́n lè máa pe bàbá àti ọmọ láàárín ẹgbẹ́ kálukú wọn, àgékúrú náà kò sì dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Gígé lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ló le. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan dá dúró ṣinṣin. Àwọn mìíràn kò ní ìtumọ̀ kan pàtó títí di ìgbà tí ohun tó tẹ̀lé wọn bá fara hàn. ‘Dá’ wà lára irú èyí tó kẹ́yìn yìí, orúkọ tó sì fi í hàn jù ni Olúwadámiláre.

Bí a bá tú u, ‘Olúwa dá mi ní àre’ ni. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni: wọ́n fẹ̀sùn kan ẹnìkan, àwọn èèyàn ti ń fi í ṣẹ̀sín, Olúwa wá dá ẹjọ́ náà, ó sì gbè é. Òbí tó ti pẹ́ kó tó bímọ, tàbí tí àna ti ń fi ojú ẹlẹ́bi wò, á mọ ìdí tó fi yan orúkọ yìí. Àgékúrú tó gbajúmọ̀ jù fún un láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ni Dámi. Ṣùgbọ́n adájọ́ tó bá dá ni láre, ‘dá’ ló lò. Èyí tó bá dá ni lẹ́bi náà, ‘dá’ kan náà ló lò. Apá tó ya ìdáláre sọ́tọ̀ kúrò lára ìdálẹ́bi ni ‘láre’, òun gan-an sì ni Dámi jù sílẹ̀. Ẹjọ́ ti parí nínú orúkọ, wọn ò sì jẹ́ ká gbọ́ ìdájọ́. Yàtọ̀ sí èyí, Olúwadámilọ́lá náà ń di Dámi, bẹ́ẹ̀ ni ‘dá mi lọ́lá’ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́ rárá. Oore ló ń sọ. Ọmọ méjì lè jókòó lórí àga kan ní kíláàsì, kí wọ́n máa jẹ́ Dámi, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí a gbè lẹ́jọ́, kí èkejì jẹ́ ẹni tí a ṣe lóore.

Àgékúrú mẹ́ta ló dára ju Dámi lọ fún orúkọ yìí. Dámiláre yọ Olúwa nìkan, ó sì ṣì gùn díẹ̀. Láre, ‘ní àre’, kúrú, ó sì sọ pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló jàre. Èyí tó gún régé jù lójú ẹni tó mọ orúkọ ni Dáre. ‘Mi’ ló yọ láti àárín, ‘dá’ àti ‘àre’ wá so pọ̀ tààrà, sílébù méjì péré sì gbé gbogbo ìdájọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo orúkọ ló ń gbà kí a yọ àárín rẹ̀ báyìí. Nínú Olúfúnmiláyọ̀, bí a bá yọ ‘mi’, ‘Fúnláyọ̀’ tó kù ti ń wá ẹni tí a fún, torí pé ‘fún’ kò lè ṣe láìsí ẹni tó gbà. Fúnmi ló tọ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ ohun tí a fúnni: ‘fún mi’ kò ní apá burúkú tó lè yí sí lójú ẹni tó mọ̀ pé orúkọ ni. Nítorí náà, kò sí òfin kan tó kárí gbogbo orúkọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni a máa bi léèrè ohun tó ń fẹ́ tẹ̀lé e.

Láńre ni àpẹẹrẹ tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọláńrewájú, ‘ọlá ń re iwájú’, ló ti wá: fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ, iwájú náà ti lọ. Ohun tó kù ni pé ọlá ń re, kò sì sọ ibi tó ń re. Aláròyé lè ní ọlá tó ń lọ láìdárúkọ ibi tó ń lọ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń gbàdúrà fún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lílò ti borí rẹ̀. Láńre ti pẹ́ lẹ́nu débi pé gbogbo etí ló ń fi iwájú kún un. Mojí tí à ń pe Mojísọ́lá rí bákan náà. ‘Mo jí sí ọlá’ ni odindi rẹ̀, ‘mo jí’ sì ni ohun tó kù, jíjí kò sì burú fún ẹnikẹ́ni. Àṣà lè gba irú àgékúrú bẹ́ẹ̀ là, nítorí pé ohun tó kù kàn ṣófo díẹ̀ ni, kò ní ibi nínú.

Níbi tí ibi bá wà nínú orúkọ, àṣà kò lè gbà á là. Àwọn orúkọ kan mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ ìpọ́njú kí wọ́n lè sọ pé ó ti parí. Ẹkúndayọ̀ ni ‘ẹkún di ayọ̀’. Bí a bá fi àṣà tó wọ́pọ̀ gé e, tí a yọ olùwà, Dayọ̀ ló kù, ó sì dára ju odindi lọ fún ìpè ojoojúmọ́. Ẹni tó bá gbìyànjú láti di orí rẹ̀ mú, bí wọ́n ṣe ń di Adé mú nínú Adéwálé, á bá Ẹkún lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ikúforíjì ṣe ń di Foríjì, tí kò sì sí ìyá tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti pe ọmọ rẹ̀ ní Ikú. Rẹ̀mílẹ́kún wá yí gbogbo rẹ̀ po, torí pé ìparí ni ẹkún tirẹ̀ wà: ‘rẹ̀ mí ní ẹkún’, ìyẹn ni pé Olú pa mí lẹ́nu mọ́ nínú ẹkún. Lẹ́kún kò ṣeé jẹ́. Ẹni tó ní ẹkún ló ń tọ́ka sí. Rẹ̀mí ni wọ́n ń gé e sí, ó sì tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ pé ó rẹ òun. Adérẹ̀mí àti Akínrẹ̀mí ti jẹ́ kí etí gbogbo ènìyàn mọ Rẹ̀mí tó ń tuni nínú, àárẹ̀ kì í sì í wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni.

‘Má’ àti ‘kò’ ló yẹ kí a ṣọ́ jù. Sílébù kan péré ni wọ́n, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ni wọ́n sì máa ń wà, níbi tí ọwọ́ ti máa ń yá láti gé. Mákanjúọlá ń kìlọ̀ pé kí èèyàn má kánjú wá ọlá. Yọ ‘má’ kúrò, Kánjúọlá tó ṣẹ́kù ń rọ ọmọ náà pé kó kánjú, òdìkejì pátápátá. Àgékúrú tó bá máa tọ́ fún un gbọ́dọ̀ di sílébù àkọ́kọ́ mú, Mákanjú ni. Kòkúmọ́, orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n rò pé àbíkú ni, ń sọ pé kò kú mọ́. Kò sẹ́ni tí yóò yọ ‘kò’ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń pè é tán ni.

Àṣìṣe tó wà níbí ni pé gbogbo ‘Má’ kọ́ ni ‘má’. Mákindé jẹ́ ‘mú akin dé’. ‘Mú’ ló pàdé a tó bẹ̀rẹ̀ akin, tí ú fi bọ́ tí ohùn òkè rẹ̀ sì dúró. Kò sí ìkìlọ̀ kankan nínú rẹ̀. Bákan náà ni Kọ́láwọlé kò ní ‘kò’ nínú, ‘kó ọlá wọ ilé’ ni. Kọ́lá tí wọ́n ń gé e sí sì gbé ‘kó’ àti ‘ọlá’ pọ̀. Èyí ni ìdí tí títú orúkọ palẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú gígé. Ẹni tó ń fi ojú wo lẹ́tà nìkan kò lè mọ èyí tó ń ṣe nínú méjèèjì.

Bí a bá ti mọ ibi tí a máa gé, ohùn ló kù. Orúkọ gígùn ní ààbò lórí ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá pe Olúṣínà tí ohùn rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, a ṣì mọ ohun tó ń sọ, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́. Ṣínà tí ó dá wà kò ní ààbò yẹn. Ohùn òkè ni ‘ṣí’ ń gbà, torí pé Olú ṣí ọ̀nà. Bí ohùn náà bá wálẹ̀, ó di ‘ṣìnà’, ẹni tó sọnù lójú ọ̀nà, tàbí ẹni tó yà kúrò nínú ìwà rere. Ọ̀nà tí Olú ṣí ti di ọ̀nà tí ọmọ ṣì, sílébù kan ló sì fà á. Bánkọ́lé, ‘bá mi kọ́ ilé’, náà máa ń di Kọ́lé. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá gbàgbé àmì tó wà nísàlẹ̀ ọ, Kólé ló kọ yẹn, ‘kó ilé’, iṣẹ́ tí kólékólé ń ṣe lóru. Bí orúkọ bá ṣe ń kúrú sí i ni àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ń di dandan sí i.

‘Mi’ tó máa ń kẹ́yìn àgékúrú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì pè jù. Ohùn rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú rẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní ohùn òkè, ‘mi’ á wà ní àárín: Fẹ́mi, Kẹ́mi, Fúnmi. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní ohùn àárín tàbí ti ìsàlẹ̀, ‘mí’ á gòkè: Yẹmí, Rẹ̀mí, Wùmí. Nítorí náà, Ọmọ́wùmí tí wọ́n gé tí wọ́n sì wá ń pè bí ẹni pé Fẹ́mi ni, pẹ̀lú ohùn òkè níwájú àti ti àárín lẹ́yìn, ti pàdánù ‘wù’ tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó wu òbí kò sí nínú orúkọ mọ́, ìró lásán ló kù.

Ohùn yìí kan náà ló ya àwọn àgékúrú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú l sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Láyọ̀ láti inú Olúfúnmiláyọ̀ ní ‘ní’ nínú, ó sì ń sọ ẹni tó ní ayọ̀. Layọ̀ láti inú Títílayọ̀ ní ‘ni’ nínú: títí ni ayọ̀. Lọ́lá ní ọlá, Lọlá láti inú Títílọlá sọ pé ọlá ni, ‘lọ́la’ sì ni ọjọ́ tó tẹ̀lé òní. Nínú ìwé tí wọn kò fi àmì sí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀ síra wọn. Ìdí nìyí tí Títí fi dára ju Lọlá lọ fún Títílọlá: kò ṣeé ṣì gbọ́, ọ̀rọ̀ tó sì mú un yàtọ̀ sí orúkọ ọlá yòókù ló dì mú.

Àwọn orúkọ amútọ̀runwá kò fi bẹ́ẹ̀ fa wàhálà. Òjó, Ìgè, Dàda àti Àìná ti kúrú láti ilẹ̀. Táíwò fúnra rẹ̀ jẹ́ ‘tọ́ ayé wò’ tó ti sún kì, Táyé tí wọ́n tún gé e sí sì ṣì di ayé tó tọ́ wò mú. Kẹ́hìndé di Kẹ́hìn, ẹni tó kẹ́yìn, bó sì ṣe rí nìyẹn. Oríkì bí Àjàní, Àbẹ̀kẹ́ àti Àdùkẹ́ kì í ṣe ohun à ń gé rárá. Orúkọ ìkẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹni tí orúkọ àbísọ ọmọ rẹ̀ kò bá ṣeé gé dáadáa lè máa fi oríkì ké sí i.

Nínú agboolé, àgékúrú máa ń tàn ju ọmọ tó ni ín lọ. Ọmọ tí wọ́n sọ ní Adéwálé lọ́jọ́ kẹjọ ló ń sọ ìyá rẹ̀ di Ìyá Wálé, tó ń sọ bàbá rẹ̀ di Bàbá Wálé. Kì í ṣe gbogbo ẹnu ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí Wálé lásán. Òbí, àgbà àti ẹgbẹ́ lè pè é bẹ́ẹ̀. Àbúrò á fi Bùọ̀dá tàbí Ẹ̀gbọ́n ṣáájú. Ìyàwó ilé tó bá ọmọ náà nílé kó tó wọlé á wá orúkọ mìíràn fún un pátápátá, kò ní pe odindi, kò sì ní pe àgékúrú. Ọ̀nà kan wà láti dán àgékúrú wò níbẹ̀ náà. Nígbà tí ìyá bá ń pe ọmọ láti ẹ̀yìnkùlé, sílébù ìkẹyìn ló máa ń fà: Wáléééé o! Dayọ̀ọ̀ọ̀ o! Lé á wà lókè bó ti wù kó gùn tó, yọ̀ á sì wà nísàlẹ̀. Orúkọ tí ohùn rẹ̀ bá ní láti yí kó tó lè gba irú ìpè yẹn, wọ́n ti ṣì í gé tàbí wọ́n ti ń ṣì í pè.

Ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ìṣe méjì ló ń kọlu ara wọn lórí orúkọ ọmọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì máa ń di iwájú orúkọ mú, á gé ẹ̀yìn dànù. Yorùbá máa ń gé iwájú, á di ẹ̀yìn mú, nítorí pé ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀-ìṣe àti ohun tó ṣe wà. Olú tàbí Ọlá ló bẹ̀rẹ̀ àìmọye orúkọ. Olú, Ọlá, Tèmi àti Dámi tó pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ló bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn ló sì fà á tí wọn kì í fi í sọ nǹkan púpọ̀. Tèmi láti inú Tèmitọ́pẹ́ kò ju ‘ohun tó jẹ́ tèmi’ lọ. Tọ́pẹ́ ni ‘tó ọpẹ́’ wà. Akọrin tí wọ́n bí ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, Fọláṣadé Adú, dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré, síbẹ̀ ọ̀nà Yorùbá ni àgékúrú tirẹ̀ gbà. ‘Fi ọlá ṣe adé’ ni odindi. Ṣadé tó wà lára àwo rẹ̀ káàkiri ayé jẹ́ ‘ṣe adé’, ọ̀rọ̀-ìṣe àti adé tó ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ìsàlẹ̀ s kì í sí níbẹ̀.

Lórí ìwé ìbí àti ìwé ẹ̀rí, ó sàn kí a kọ odindi orúkọ, kí a sì fi àgékúrú sílẹ̀ fún ẹnu. Ọmọ tí wọ́n bá kọ Wálé nìkan sórí ìwé, Wálé lòun jẹ́ lójú òfin. Bó bá fẹ́ dá Àyàn tàbí Ògún rẹ̀ padà nígbà tó yá, á lọ búra ní kóòtù, á sì kéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn. Bí ọdún bá sì ti pẹ́, orí tó sọnù lè má ṣeé fojú inú mọ̀ mọ́. Rótìmí ni àpẹẹrẹ. Ó lè jẹ́ Olúrótìmí, ẹni tí Olú dúró tì. Ó sì lè jẹ́ Dúrótìmí, ẹ̀bẹ̀ tí ìyá bẹ ọmọ tó ń bẹ̀rù pé ó fẹ́ padà lọ. Ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá ṣe, tó jáde lọ́dún 2003, lè sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Èyí tó jẹ́ ti Rótìmí kan pàtó, àwọn àgbà tó jókòó níbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ló máa bi.